Mo tan Secure Boot nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, kọ̀ǹpútà wá ń bi mí ní kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48

Ọ̀gbẹ̀rì3 (11:52 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni ìdánwò mi, inú láàpútọ́ọ̀pù ni gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà, láàpútọ́ọ̀pù ọ̀hún sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Màá sọ òótọ́, ẹ dákun ẹ bá mi fi èébú di ọ̀la. Mo kàwé títí di aago mẹ́wàá àbọ̀, ni mo bá ní kí n gbé géèmù kan sórí ẹ̀rọ kó máa wọlé lóru, kó ti délẹ̀ kí n tó ti ìdánwò dé. Géèmù ní òun ò ní ṣiṣẹ́ àfi tí Secure Boot bá wà ní títan. Mo wo fídíò ìṣẹ́jú méjì kan, mo wọ báyọ́ọ̀sì, mo yí i kúrò ní Disabled sí Enabled. Ó bi mí ní nǹkan kan, mo tẹ Yes, n ò kà á. Mo tẹ F10, ẹ̀rọ pa, ó tún tan.

Dípò Wíńdòsì, ojú aláwọ̀ búlúù ni mo rí: BitLocker recovery. Ó ní "Enter the recovery key for this drive". Àpótí gbọọrọ kan wà níbẹ̀, Recovery key ID kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà tó gùn jàn-àn-ràn jan-an-ran. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo máa fi ń wọlé, kò gbà. Mo ní kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n tẹ lẹ́tà kankan, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà.

Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni àkọsílẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kọ ọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n gbé Wíńdòsì tuntun sí i?

Kíákíá (11:57)

Àbúrò, má da ara ẹ láàmú. Fi fíláàṣì gbé Wíńdòsì tuntun lé e, kò ní pẹ́ rárá. Tí o ò bá fẹ́ kí fáìlì ẹ lọ, tú ẹ̀yìn ẹ̀, yọ dísíìkì, fi sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kó wọn jáde. Àìmọye èèyàn ni mo ti bá ṣe é.

Àgbà Atúnṣe (12:01 òru)

Ọ̀gbẹ̀rì, gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ yẹn ná. Má gbé Wíńdòsì kankan lé e.

Ohun tí Kíákíá sọ nípa yíyọ dísíìkì, bẹ́ẹ̀ ló rí fún dísíìkì tí kò ní ààbò. Tìẹ ní BitLocker. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ti dà rú mọ́ra wọn tí ojú kò lè kà á, kọ̀ǹpútà yòówù kí o gbé e lọ, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló máa bèèrè. Tí o bá sì fi Wíńdòsì tuntun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlélógójì ti lọ nìyẹn.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí dísíìkì ẹ wà lọ́wọ́ ṣípù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM. Gbogbo ìgbà tí o bá tan ẹ̀rọ, àwọn ohun tó ń gbé Wíńdòsì dìde á máa kọjá níwájú ṣípù yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wọ̀n wọ́n. Tí ìwọ̀n òní bá bá ìwọ̀n tí wọ́n fún un pa mọ́ mu, á jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, Wíńdòsì á ṣí láìbi ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ wá lọ yí báyọ́ọ̀sì padà, ìwọ̀n ò dọ́gba mọ́. Ṣípù ò mọ̀ bóyá ìwọ lo yí i àbí olè, ó kúkú di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú.

Ìdí tí mo fi ní kí o dúró nìyẹn. Ìwọ̀n àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ṣípù. Tí o bá dá báyọ́ọ̀sì padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ní aago mẹ́wàá àbọ̀, ó yẹ kó tún dọ́gba, kó ṣí láìjẹ́ pé o tẹ nọ́ńbà kankan. Pa ẹ̀rọ, padà wọ báyọ́ọ̀sì, dá Secure Boot padà sí Disabled, tẹ F10. Tí o bá rí Clear TPM níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án rárá. Tí o bá tẹ ìyẹn, ṣípù á gbàgbé ohun gbogbo, ọ̀nà yìí á sì dí pa.

Ìyá Ìbejì (12:06)

Ẹ kú òru o. Ọmọ mi náà gbàgbé nọ́ńbà tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà lóṣù tó kọjá. "I forgot my PIN" la tẹ̀, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi, ó parí. Ọmọ mi, wo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ẹ dáadáa, wàá rí i.

Ẹlẹ́yinjú (12:09)

Ẹ ṣé mà, àmọ́ ti nọ́ńbà ìwọlé kọ́ lèyí. Wíńdòsì ò tíì jí rárá tí wọ́n ti ń bèèrè èyí.

Ọ̀gbẹ̀rì, bí o ṣe ń ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, mú fóònù ẹ, lọ sí aka.ms/myrecoverykey, fi àkáǹtì tí o fi ń lo Wíńdòsì wọlé. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà níbẹ̀, má kàn máa tẹ̀ ẹ́ o. Wo ID tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fi mẹ́jọ àkọ́kọ́ wé mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó wà lójú ẹ̀rọ ẹ.

Ohun kejì: àkọsílẹ̀ lo nílò ní aago mẹ́sàn-án, kì í ṣe láàpútọ́ọ̀pù. Ṣé o ò fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ rí? Wá inú Wásáàpù.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (12:24)

Mo dá Secure Boot padà sí Disabled. Ó ṣì ń bèèrè. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

Mo dé ibi tí ẹ ní kí n lọ. Kọ́kọ́rọ́ kan wà níbẹ̀, inú mi dùn, mo tẹ gbogbo ẹ̀ kí n tó rántí wo ID. Kò gbà. Èyí tó wà ní àkáǹtì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5E, ti ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9C.

Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nínú Wásáàpù, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ kíláàsì mi kan nígbà kan. Ó ku orí mẹ́rin.

Àgbà Atúnṣe (12:27)

ID yàtọ̀, dísíìkì mìíràn ló ni kọ́kọ́rọ́ yẹn, bóyá ti kọ̀ǹpútà tí o lò tẹ́lẹ̀. Fi sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì. Ta ló tan BitLocker sórí èyí? Kí sì ni ohun tí o tẹ Yes sí láìkà?

Ọ̀gbẹ̀rì3 (12:35)

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mo tàn án, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí mo ra ẹ̀rọ náà ní àlòkù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ó ní kí n yan ibi tí n ó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Mo ní kó wọ C, ó kọ̀, ó ní kò lè wọ inú dísíìkì tí a fẹ́ tì. N ò ní fíláàṣì lọ́wọ́. Mo wá yan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, mo yan Microsoft Print to PDF, mo tọ́jú ẹ̀ sínú Documents.

Documents náà wà ní C.

Onípẹ́ńgúìnì (12:37)

Ha! O ti ilẹ̀kùn, o fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sórí tábìlì inú ilé. Wíńdòsì gan-an gbìyànjú láti dá ọ dúró, o gba ojú fèrèsé wọlé.

Mi ò bá ní kí o fi fíláàṣì Línọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka dísíìkì BitLocker, àmọ́ òun náà á bi ọ́ ní nọ́ńbà 48 yẹn kó tó kà á. Tí o bá ní nọ́ńbà, o ò nílò mi. Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló pa mí.

Kíákíá (12:40)

Ẹ jẹ́ kó tẹ Clear TPM kó rí i bóyá. Ó ti yanjú ti èmi rí.

Àgbà Atúnṣe (12:41)

Ọ̀GBẸ̀RÌ, MÁ TẸ̀ Ẹ́. Kíákíá, tìẹ ní kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀ nígbà yẹn, ti ọmọ yìí wà nínú PDF tó wà nínú dísíìkì tí a fẹ́ ṣí. Ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ ṣípù nìkan ló kù tí a lè fi wọlé.

Ọ̀gbẹ̀rì, o ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (12:52)

Mo padà lọ tan án lẹ́ẹ̀kan sí i kí n lè kà á. Ó ní kí Secure Boot tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n á pa CSM, ṣé kí wọ́n pa á? Ohun tí mo tẹ Yes sí nìyẹn. Kí ló ń jẹ́ CSM?

Àgbà Atúnṣe (12:55)

Ó dáa, a ti rí i. Ohun tó ń jẹ́ kí báyọ́ọ̀sì tuntun ṣe bíi ti àtijọ́ fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Nǹkan méjì ni o yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o sì rò pé ẹyọ kan ni. Nígbà tí o dá Secure Boot padà, CSM ò bá a padà, torí báyọ́ọ̀sì kì í rántí pé òun ló pa á nítorí ìyẹn. Ó ṣì wà ní pípa, ìwọ̀n ò sì lè dọ́gba.

Pa Secure Boot ná. Lẹ́yìn náà wá CSM, ó sábà máa ń wà ní ojú ewé Boot, nígbà mìíràn kì í yọ jáde àfi tí Secure Boot bá ti wà ní Disabled tí o sì ti tọ́jú ẹ̀. Tàn án. Wo àwọn ohun tó bá yọ lábẹ́ ẹ̀, dá wọn padà bí o bá ṣe rántí. F10.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (1:13)

Ó ṢÍ!!! Kò bèèrè nǹkan kan! Dẹ́sítọ́ọ̀pù mi rèé, àkọsílẹ̀ mi rèé. Lóòótọ́ ni CSM ò yọ àfi ìgbà tí mo tọ́jú Secure Boot ní Disabled tí mo sì tún padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo fẹ́ lọ kàwé.

Àgbà Atúnṣe (1:14)

Ìṣẹ́jú méjì péré kí o tó lọ. Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn jáde kúrò nínú ilé. Tẹ `cmd` síbi tí o fi ń wá nǹkan, tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí ẹ̀, yan Run as administrator, kí o tẹ:

```
manage-bde -protectors -get C:
```

Wàá rí Numerical Password àti ID ẹ̀. ID yẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9C. Nọ́ńbà mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Fi fóònù ya á, kí o sì kọ ọ́ sórí ìwé.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (1:19)

Mo ti rí i. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? *[àwòrán ti kúrò]*

Alábòójútó (1:20)

Mo ti yọ àwòrán kúrò. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí à ń gbé sójú ọjà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, tó bá gbé ẹ̀rọ náà, á wọlé.

Ẹlẹ́yinjú (1:24)

Ọ̀gbẹ̀rì, níwọ̀n ìgbà tí o ti ń fi ọwọ́ kọ ọ́, ọ̀nà kan wà tí o lè fi yẹ ìkọ̀wé ẹ wò láìpa ẹ̀rọ. Ìdì mẹ́fà mẹ́fà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ṣeé fi 11 pín láìṣẹ́kù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojú búlúù yẹn lè mọ̀ tí èèyàn bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo kàn gbé kalẹ̀ nìyí: 135795. Ro èkíní, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún pọ̀: 1, 5, 9, ó di 15. Ro èkejì, ẹ̀kẹrin àti ìkẹfà: 3, 7, 5, ó di 15. Méjèèjì dọ́gba, ó dáa. Wọ́n tún lè fi 11 ju ara wọn lọ, ìyẹn náà dáa. Ká ní ọwọ́ ẹ kọ 7 bí ẹni kọ 1, tó wá di 135195, 15 àti 9 ni wàá rí, o ti mọ̀ pé o ṣì í kọ.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (1:31)

Ìdì karùn-ún mi ò bára mu! Mo padà wò ó, 6 ni mo kọ bí 0. Mo ti tún un ṣe. Mo ń lọ kàwé, ẹ ṣeun gbogbo yín.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (ọ̀sán ọjọ́ kejì, 2:40)

Mo ti ti ìdánwò dé. Mo rí ìbéèrè mẹ́ta kọ dáadáa, ìkẹrin ti inú orí keje wá, n ò sì dé orí keje lóru àná. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Mo ṣì fẹ́ géèmù yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń tan Secure Boot láìrí ojú búlúù?

Nígbà tí mo tẹ ohun tí ẹ ní kí n tẹ̀, ìlà kan tún wà lábẹ́ TPM tó ní `PCR Validation Profile: 0, 2, 4, 11`. Ṣé òun ni ìwọ̀n tí ẹ ń sọ?

Onípẹ́ńgúìnì (3:02)

Òun ni. Àwọn àpótí tí ṣípù ń kó ìwọ̀n sí nìyẹn. Àpótí 7 ni ti Secure Boot, ìyẹn ló fi ń bínú tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án.

Àgbà Atúnṣe (3:10)

Lóòótọ́, 7 ni ti Secure Boot, àmọ́ wo ìlà yẹn dáadáa, kò sí 7 níbẹ̀. Pípa ni Secure Boot wà lọ́jọ́ tó tan BitLocker, torí náà wọn ò gbé e lé 7 rárá. Ohun tí mo rò ni pé CSM gan-an ló fa wàhálà. Tí o bá pa á, àwọn ohun mìíràn ni báyọ́ọ̀sì á gbé dìde dípò ti tẹ́lẹ̀, 2 á sì rí ìyàtọ̀. O ṣáà rántí pé ó dá Secure Boot nìkan padà, kò ṣí, ó dá CSM padà, ó ṣí.

Onípẹ́ńgúìnì (3:14)

Ìyẹn ò fi hàn pé tó bá jẹ́ Secure Boot nìkan, kò ní bèèrè. Mo ti rí ẹ̀rọ tí kò ní 7 nínú ìlà ẹ̀ tó ṣì bèèrè.

Àgbà Atúnṣe (3:21)

Mi ò lè bá ọ jiyàn lórí ẹ̀rọ tí mi ò rí. Ohun tí a lè fi dán an wò ni pé kí Ọ̀gbẹ̀rì tún un ṣe pẹ̀lú CSM ní pípa tẹ́lẹ̀, mi ò sì rò pé yóò gbà.

Ọ̀gbẹ̀rì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí o tó wọ báyọ́ọ̀sì, sọ fún BitLocker kó dáwọ́ dúró ná:

```
manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0
```

Kò tú ohun tó ti dà rú, ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ̀rọ lè wọlé láìbi ṣípù. 0 yẹn túmọ̀ sí pé kó dúró bẹ́ẹ̀ títí o fi máa sọ pé ó tó. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ torí o lè pa ẹ̀rọ kí o tàn án lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ẹ̀ tó tò. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn, kò sí ààbò kankan lórí dísíìkì ẹ, má gbé ẹ̀rọ náà fún ẹnikẹ́ni. Yí CSM àti Secure Boot bí o ṣe fẹ́. Tí Wíńdòsì bá ti ṣí, wo `msinfo32`, kí Secure Boot State jẹ́ On. Lẹ́yìn náà:

```
manage-bde -protectors -enable C:
```

Ìgbà yìí ni ṣípù á gba ìwọ̀n tuntun. Má dá CSM padà o. Máíkírósọ́fùtì fúnra wọn ní kí wọ́n pa á tí ẹ̀rọ bá ní TPM 2.0, tìẹ kàn ń gbé e bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ̀rì3 (4:05)

Mo ti ṣe é, pẹ̀lú ìwé kọ́kọ́rọ́ mi lórí itan. Ó ṣí tààrà. Ìlà yẹn ti di `7, 11` báyìí. Mo pa á, mo tún tàn án lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú, kò bèèrè nǹkan kan. Mo ti yọ PDF kúrò ní Documents, ìwé kan wà nínú àpótí mi, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ìyá Ìbejì (4:30)

Ẹ dákun, ṣé ti àwa náà máa ń ní BitLocker ni? A ò tan nǹkan kan rí.

Ẹlẹ́yinjú (4:38)

Ó ṣeé ṣe, mà. Tí wọ́n bá fi àkáǹtì Máíkírósọ́fùtì wọlé nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń tì í fúnra wọn, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sínú àkáǹtì náà. Ẹ bá mi wo aka.ms/myrecoverykey lónìí, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń fi kóòdù ránṣẹ́ níbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ síìmù àtijọ́ ni, tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ohun ìdánimọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa ní kí ẹ dúró.

Apẹ́dé (ọjọ́ kẹta, 7:15 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ láti òkè, ó wá pẹ́ kí n tó rí i. Mo ti tẹ Clear TPM lánàá. Ẹ̀rọ náà, àlòkù ni, ẹni tó tà á fún mi fi àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ wọlé sórí ẹ̀, èmi kàn ń lò ó bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan kan ní àkáǹtì tèmi.

Àgbà Atúnṣe (7:40)

Ti ṣípù ti parí nìyẹn, nọ́ńbà 48 nìkan ló kù. Tó bá jẹ́ àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi tì í, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ máa wà, tó bá wà rárá. Ẹni tó tà á fún ọ lè wọ aka.ms/aadrecoverykey fúnra ẹ̀ tí àkáǹtì ẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Fi ID tó wà lójú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i. Ṣé o ṣì ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀?

Apẹ́dé (7:52)

Mo ní in. Ó ní òun ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún tó kọjá. Ó ń gbìyànjú páásíwọ́ọ̀dù báyìí.